Ọ̀kùn àti Taníṣánkó Nínú Fọ́tò: Èwo Ló Ń Bu Ènìyàn Jẹ?

Ọ̀kùn kì í bu ènìyàn jẹ. Taníṣánkó máa ń bu ènìyàn jẹ, ó sì máa ń fi oró sí i. Àwọn méjèèjì gùn, ẹsẹ̀ kún ara wọn, ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ni wọ́n ń gbé: abẹ́ òkúta, inú igi tó ti ń jẹrà, abẹ́ ewé tó wọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ihò omi ilé ìwẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, wọ́n á máa wọlé tọ ènìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀kùn ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ya fọ́tò ọ̀kan, tó fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí? Ṣé ó lóró?", ìdáhùn tí yóò gbà kì í bára mu. Ẹnì kan á ní kí wọ́n tètè pa á, ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan tó lè fi ènìyàn ṣe. Bẹ́ẹ̀, inú fọ́tò náà gan-an ni ìdáhùn wà, bí ẹni tó ń wò ó bá mọ ibi tó yẹ kí ojú rẹ̀ lọ.

Ibi tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ kọ́ ni ibẹ̀. Àwọ̀ kì í sọ òtítọ́: ọ̀kùn pupa wà, taníṣánkó pupa wà, dúdú sì wà nínú àwọn méjèèjì. Gígùn kò ranni lọ́wọ́, nítorí pé fọ́tò tí a súnmọ́ yà lè sọ ohun tí kò ju ìka ọwọ́ lọ di ejò lójú ẹni tó ń wò ó. Àpapọ̀ iye ẹsẹ̀ gan-an ló ń tanni jẹ jù lọ. Àwọn òyìnbó fi ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ sọ taníṣánkó lórúkọ, wọ́n sì fi ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ sọ ọ̀kùn, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Bí a bá ka ẹsẹ̀ taníṣánkó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tí a kà á ní apá kan ara nìkan, iye tí a ó rí kì í ṣeé pín sí méjì dọ́gba: 15 ni, tàbí 21, tàbí 23, títí dé 191. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè jẹ́ 100 géérégé, 50 gbọ́dọ̀ wà ní apá kọ̀ọ̀kan, 50 sì ṣeé pín sí méjì, nítorí náà kò sí irú rẹ̀. Ní ti ọ̀kùn, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó tó orúkọ ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ náà jẹ́. Ọdún 2021 ni àwọn onímọ̀ kéde èyí tó ní ẹsẹ̀ 1,306, tí wọ́n rí nínú ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ní nǹkan bí 60 mítà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn ọ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 60 lọ, nígbà tí àwọn taníṣánkó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ní ju 200 lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ti fọ́tò kó máa ka ẹsẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ohun tó yẹ ní wíwò ni bí ẹsẹ̀ ṣe so mọ́ ara. Ara àwọn méjèèjì jẹ́ oríkèé tó tò tẹ̀ lé ara wọn láti orí dé ìdí. Lára taníṣánkó, ẹsẹ̀ kan ló jáde láti apá kọ̀ọ̀kan oríkèé kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lára ọ̀kùn, ẹsẹ̀ méjì ló ń jáde ní apá kan lára oríkèé kan, èyí tó jẹ́ mẹ́rin lára oríkèé kan ṣoṣo. Ohun tó fà á ni pé oríkèé ọ̀kùn tí a ń rí bí ẹyọ kan jẹ́ oríkèé méjì tó ti lẹ̀ mọ́ra láti inú ẹyin wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ dání. Bí a bá fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà sí i lójú fóònù, tí a yan oríkèé kan láàárín ara, tí a sì rí ẹsẹ̀ méjì tó jáde papọ̀ ní apá kan rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: ọ̀kùn ni.

Àárín ara ni kí a yàn, kì í ṣe iwájú. Oríkèé àkọ́kọ́ lẹ́yìn orí ọ̀kùn kò ní ẹsẹ̀ kankan, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bíi ti taníṣánkó, ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni méjì-méjì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ iwájú nìkan yóò rí ẹsẹ̀ kan fún oríkèé kan, yóò sì kéde taníṣánkó níbi tí kò sí. Ọ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń kà, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló sábà máa ń ní. Bó ṣe ń bọ́ awọ ni oríkèé àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ fọ́tò kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka ẹsẹ̀ oríkèé kan. Ibi tí ẹsẹ̀ kọjú sí ni a ó wò nígbà náà. Abẹ́ ikùn ni ẹsẹ̀ ọ̀kùn ti jáde, wọ́n kúrú, wọ́n sì ṣù pọ̀. Bí a bá dúró lókè ya fọ́tò rẹ̀, ó lè jẹ́ pé a kò ní rí ẹsẹ̀ kankan, tàbí kí orí wọn kàn yọ díẹ̀díẹ̀ létí ara. Ti taníṣánkó jáde láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n nà síta gbalaja, a sì lè rí wọn láti òkè láìwá wọn. Ara ọ̀kùn tó wọ́pọ̀ rí róbótó bí ìgè pẹ́ńsù, ti taníṣánkó tẹ́ pẹlẹbẹ, èyí tó ń jẹ́ kó rọrùn fún un láti wọ abẹ́ bátànì, abẹ́ rọ́ọ̀gì àti inú bàtà.

Iṣẹ́ oúnjẹ wọn ló fa gbogbo èyí. Ewé jíjẹrà àti igi rírà ni ọ̀kùn ń jẹ. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í sá, ohun tí ọ̀kùn nílò ni agbára láti ti ara rẹ̀ gba inú ilẹ̀ àti abẹ́ ewé kọjá, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kúkúrú tó wà nísàlẹ̀ ara ló sì ń fún un ní agbára yẹn. Kì í yára. Ọdẹ ni taníṣánkó. Aáyán, aláǹtakùn, ekòló, àti ọmọ eku tàbí ọmọ alángbá fún àwọn tó tóbi, ni wọ́n ń lé mú, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gùn tó sì ya sí ẹ̀gbẹ́. Èyí pàápàá máa ń hàn nínú fọ́tò: bí ẹsẹ̀ bá ti rú mọ́ra wọn tó sì dà bí èéfín, tí ara sì ṣe kọ́lọkọ̀lọ, ohun tó ń sáré ni wọ́n yà. Ọ̀kùn tó ń rìn máa ń dúró gangan tàbí kó tẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ kì í yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Orí àti ìdí tún wà tí a lè fi wé ara wọn. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí kòkòrò fi ń tọ́ ọ̀nà wà lórí àwọn méjèèjì. Ti ọ̀kùn kúrú, ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Ti taníṣánkó gùn, ó sì nà jáde. Ní ìdí, ọ̀kùn parí bí ẹni tó dé òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó gùn jáde. Ẹsẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn lára taníṣánkó gùn ju ìyókù lọ, wọ́n sì nà sẹ́yìn, kò sì fi wọ́n rìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìrù olóró. Ó lè fi wọ́n fún nǹkan pọ̀, wọ́n sì lè gún ni díẹ̀, ṣùgbọ́n oró kò sí níbẹ̀.

Iwájú ni oró wà, kì í sì ṣe inú eyín. Ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lára taníṣánkó ti yí padà di ẹ̀mú: wọ́n nípọn, wọ́n tẹ̀ wá síwájú lábẹ́ orí, ẹnu wọn mú ṣóńṣó, àpò oró sì so mọ́ wọn. Ẹ̀mú yìí ni taníṣánkó fi ń di ohun tó bá pa mú, òun náà ló sì ń kì bọ ara ènìyàn tó bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó dì í mú. Nínú fọ́tò tí a yà láti òkè, orí máa ń bò ó, bóyá kí etí rẹ̀ kàn hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú èyí tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ tàbí nígbà tó bá dojú dé, ó máa ń hàn kedere, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ẹnu rẹ̀ dúdú. Kò sí ọ̀kùn kan tó ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó fi ń ha ewé rírà jẹ ni gbogbo ohun tó ní, kò sì lè fi dá awọ ènìyàn lu.

Àwọn fọ́tò kan wà tó máa ń da àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá láàmú fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ọ̀kùn pẹlẹbẹ. Ká gbà pé wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ láti abúlé kan lẹ́yìn òjò alẹ́: ohun kan wà lórí sìmẹ́ńtì, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa, ó gùn tó ìka ìlábẹ̀, ara rẹ̀ tẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí wákiwàki bí eyín ayùn, ẹsẹ̀ sì ń yọ láti abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ní taníṣánkó ni. Pípẹlẹbẹ ara rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó hàn ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a bá wọn wí. A wá fẹ àárín fọ́tò náà. Ohun tó dà bí eyín ayùn jẹ́ etí oríkèé tó nà jáde bí ìyẹ́ kékeré, a sì rí i pé lábẹ́ ìyẹ́ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjì ló wà. A ka oríkèé, wọn kò ju 20 lọ. A lọ síwájú: ìwo kúrú, ó ṣẹ́ kọ́rọ́, kò sì sí ojú rárá lórí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ọ̀kùn pẹlẹbẹ ni kò ní ojú. A lọ sí ìdí: ó parí ní ṣóńṣó kúkúrú, kò sí ẹsẹ̀ gígùn tó nà sẹ́yìn. Ọ̀kùn ni. Kò lè bu ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọdé fi ọwọ́ gbá a mú, nítorí pé irú ọ̀kùn pẹlẹbẹ yìí máa ń tú sáyánáìdì díẹ̀ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Ìwọ̀nba tó ń tú kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, kòkòrò àti ẹyẹ tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń fi lé.

Taníṣánkó inú ilẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn náà máa ń tanni, nítorí pé ó lọ́ra, ó sì lè lọ́ra pọ̀ bí ọ̀kùn. Ìwo rẹ̀ àti ẹsẹ̀ kan-kan lára oríkèé ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Oró wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀mú rẹ̀ kéré débi pé ó ṣòro fún un láti dá awọ àgbàlagbà lu. Bí fọ́tò bá fi ohun tó ká róbótó hàn, tí orí sì wà láàárín, ọ̀kùn ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé bí ó ti ń dáàbò bo ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, abo taníṣánkó ńlá náà máa ń ká mọ́ ẹyin àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí òkúta tó sì rí ohun pẹlẹbẹ tó ká mọ́ ẹyin olómi wúrà, kó dá òkúta náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bí a bá fẹ́ kí fọ́tò wúlò, ọ̀nà méjì ni kí a fi yà á. Àkọ́kọ́ láti òkè, kí gbogbo ara wọ inú rẹ̀ láti ìwo dé ìdí. Èkejì láti ẹ̀gbẹ́, kí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí àárín ara sì mọ́ kedere. Èyí ni a ó fi rí bí ẹsẹ̀ ṣe so. Kí a fi páálí ìṣáná tàbí owó ẹyọ sí ìtòsí, kì í ṣe ìka ọwọ́, kí ẹni tó ń wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí ó bá ń sáré, fídíò dára ju fọ́tò lọ: ẹsẹ̀ ọ̀kùn máa ń gbéra tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ìgbì omi láti ẹ̀yìn wá síwájú, nígbà tí ara rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ohun tí wọ́n ti fi bàtà tẹ̀ pa tó ti fọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ kì í ṣeé dá mọ̀ bí ìdí àti orí rẹ̀ kò bá kù.

Àwọn taníṣánkó tí ìbùjẹ wọn ń dun ènìyàn gan-an ni àwọn ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sikolopẹ́ńdrà, tí wọ́n wà káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru, títí kan Áfíríkà. Ẹsẹ̀ 21 ló sábà wà ní apá kan ara wọn, wọ́n sì lè gùn ju sẹ̀ńtímítà 10 lọ. Bí ọ̀kan bá bu ènìyàn jẹ, ojú ihò kékeré méjì ló máa ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìrora rẹ̀ kì í pẹ́ dé, ojú ẹsẹ̀ ni. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, ó lè jó tàbí kó máa yún, nígbà mìíràn kókó inú abíyá tàbí ìtan á wú pẹ̀lú. Ìrora náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan tàbí méjì. Ikú láti ọwọ́ taníṣánkó ṣọ̀wọ́n gidigidi; èyí tí àwọn ìwé ìṣègùn máa ń mẹ́nu kàn ni ti ọmọdé kan ní Filipíìnì tó bù jẹ lórí.

Fífọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ yẹ. Lẹ́yìn èyí, omi gbígbóná máa ń dín ìrora náà kù: kí ó má ju ohun tí ọwọ́ tí kò ní egbò lè fara dà lọ, nǹkan bí ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ẹ́síọ́ọ̀sì, kí a sì ki ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Yìnyín tí a fi aṣọ wé náà máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́, pẹ̀lú oògùn ara ríro tó wọ́pọ̀ bíi parasẹ́támọ̀. Kò sí ìdí láti fi abẹ gé ibẹ̀, láti fi okùn dì í tàbí láti fi ẹnu fa oró jáde. Wọ́n kàn ń fi egbò kún egbò ni. Ilé ìwòsàn ló kàn bí ẹni náà kò bá lè mí dáadáa, bí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá ń wú, bí gbogbo ara rẹ̀ bá lé wìnnìwìnnì, bí ó bá ń dákú, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì náà yẹ ní bíbéèrè fún ẹni tí ti rẹ̀ ti pẹ́.

Pé ọ̀kùn kì í buni jẹ kò ní kí a fi í ṣeré. Ihò wínníwínní tò sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, oje tó ń tú jáde níbẹ̀ sì ni ohun ìjà rẹ̀. Oje ti ọ̀kùn róbótó ní òórùn gbígbóná tó ń ta ni nímú. Bí ó bá kan awọ, ó máa ń pa á láró: yóò kọ́kọ́ yí sí pupa rúsúrúsú tàbí ìyeyè, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ yóò di dúdú. Bí ó bá pẹ́ lára, ibẹ̀ lè jó kó sì lé ròrò. Àwọn ọ̀bọ kan ní Fẹnẹsuẹ́là ti rí ìwúlò oje yìí: wọ́n máa ń mú ọ̀kùn, wọ́n á sì fi para nígbà òjò tí ẹ̀fọn pọ̀, nítorí pé ó ń lé ẹ̀fọn. Kò yẹ kí ènìyàn ṣe bíi tiwọn. Ojú ni ibi tó léwu jù tí oje náà lè kàn, nítorí pé ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ẹni tó bá kàn lójú gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó máa fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kó sì lọ rí dókítà ojú.

Àwọ̀ tí ọ̀kùn ń fi sílẹ̀ ló ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀, ní pàtàkì lára ọmọdé. Ọ̀kùn á wọ bàtà tàbí aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú, ọmọ á wọ̀ ọ́, ọ̀kùn á fọ́ sínú rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ọmọ á sì dúdú. Àwọn ìwé ìṣègùn ti ròyìn ibi tí àwọn dókítà ti rò pé ẹ̀jẹ̀ ti dá sí ẹsẹ̀ náà tó sì ń kú lọ, tàbí pé ẹnì kan ló fi iná jó ọmọ. Fọ́tò awọ pẹ̀lú lè sọ èwo ni. Ti taníṣánkó jẹ́ ihò méjì tó wú tó sì pọ́n, pẹ̀lú igbe ọmọ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ti ọ̀kùn jẹ́ àwọ̀ dúdú tó tẹ́, tó máa ń tẹ̀ bí ìlà ara ọ̀kùn gan-an, láìsí ihò kankan. Ẹsẹ̀ náà gbóná bí ó ti yẹ, ọmọ ń gbé e rìn, ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan tàbí kó má sí. Ọṣẹ àti omi púpọ̀ ni kí a fi fọ̀ ọ́ ní kété tí a bá rí i, sípíríìtì náà lè bá a kó oje tó kù kúrò bí awọ kò bá tíì bó. Àwọ̀ tó ti mu kì í jáde pẹ̀lú fífọ̀, kò sì yẹ kí a fi kànrìnkàn líle ha á. Bí awọ ṣe ń bó fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣá lọ, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù díẹ̀.